Ẹni Tó Kọ́ Lucy ní Àlọ́ Inú Ìwé Ìròyìn

Ní gbogbo Òmù-Àrán, kò sí ẹni tó láyà láti sọ létí Màmá Lucy Oyèyẹmí pé iyè ọkọ rẹ̀ ti ń ra. Ọdún márùndínlógójì ni obìnrin náà fi kọ́ni ní ìṣirò, kò sì tẹrí ba fún ọ̀gá kan rí. Fọlárìn, ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, nìkan ló dán an wò lórí fóònù.

"Màmá, Bàbá ti ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n wá mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú rẹ̀."

"Ẹni tó ń túmọ̀ àlọ́ òyìnbó lójoojúmọ́? Dúró, wàá gbọ́!"

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti mu ògì tán, Màmá a fi fóònù ya àlọ́ kírọ́sìwọ́ọ̀dù inú ìwé ìròyìn, a sì fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ọkọ rẹ̀, Bàbá Barnabas, ti di bàìbàì. Ogójì ọdún ni Màmá ti ń pe eré náà ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ó wá di ọmọ iléèwé nínú rẹ̀.

"'Some teachers' pain', lẹ́tà mẹ́rin," ni Màmá kà.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Lucy, agídí kì í ṣí ilẹ̀kùn yìí o. 'Some' ní kí o bù díẹ̀ lára 'teachers'. Wo àárín rẹ̀: A, C, H, E. 'Ache', ìrora nìyẹn, bí 'pain' ṣe wí. Ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí àlọ́ ni ìtumọ̀ máa ń wà."

Màmá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó pẹ̀lú ìgbéraga.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ láàárín àlàyé. Màmá a sọ ìyókù sí i létí, Bàbá a tún un sọ, ìyẹn náà a sì dé Èkó.

Ní Sátidé kan, Fọlárìn wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Màmá nawọ́ fóònù sí ọkọ rẹ̀ níwájú ọmọ: "'Heart broken, our planet', lẹ́tà márùn-ún. Ó yá, Bàbá Fọlárìn."

Bàbá tẹjú mọ́ àwòrán náà títí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Màmá: "'Broken' ní ká fọ́ 'heart', ká tún lẹ́tà rẹ̀ tò. Ó di 'earth'. 'Our planet' ni ìtumọ̀."

Ojú Bàbá tàn. "Ẹ mà mọ̀ ọ́n o, màmá! Ta ló kọ́ yín?"

Fọlárìn yíjú sí ògiri.

"Ọkọ mi ni," ni Màmá dáhùn.

"Ẹ bá mi kí wọn. Olùkọ́ gidi ni wọ́n."

Màmá dìde, ó wọ yàrá, ó ká ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ mẹ́rin sínú báàgì, ó sì ká ìró tirẹ̀ mẹ́rin lé e. Ó to ìwé ìròyìn sórí gbogbo rẹ̀.

"Fọlárìn, gbé ẹrù wa. Àwa méjèèjì là ń lọ síbi ìtọ́jú tí o wí. Kí ẹni tó bá ní kò sí àyè fún mi níbẹ̀ wá sọ ọ́ lójú mi."