Eyín Ìyá Mi Nínú Ìdánwò

Ìdáhùn tó tọ̀nà ni mo kọ, òdo ni wọ́n sì fún mi lórí rẹ̀.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni tó fìdí rẹmi ló kàn ń ráhùn. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ní yunifásítì kí n tó padà sílé ní Kabba, tí mo tún wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú eyín. Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n pín wa sí fún apá tó kẹ́yìn, nínú yàrá eyín tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìdánwò ìparí ibẹ̀ ni yóò sọ bóyá n óò gba ìwé ẹ̀rí tàbí n óò tún odindi ọdún kan ṣe. Ẹ̀kọ́ èrìgì ni mo mọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí kálukú wá ẹni tí yóò fi ẹnu rẹ̀ kọ́ṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì. Èmi sọ fún ìyá mi nílé. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi bi mí bóyá wọ́n máa yọ eyín. Mo ní rárá, wíwọ̀n lásán ni. Ó ní tí kò bá ti sí yíyọ, kí n kà á sí pé òun ti dé.

Ó dé lóòótọ́, ó gba ọ̀nà oko Odo-Ape wá tààrà, erùpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìkíni ilẹ̀ wa kí olùkọ́, “Okun o”, ó ní “Okun o” fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ló kù kó kí iná orí àga. Nígbà tí àga bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ó ń fi ojú rẹ́rìn-ín kí n má baà mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Èmi náà ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ kan nísàlẹ̀ ti gùn ju àwọn tó tẹ̀ lé e lọ. Ó máa ń sọ pé àgbà ló dé, pé eyín náà ń dàgbà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín kò gùn sí i. Èrìgì ló sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, tí gbòǹgbò fi wá wà níta.

Mo mú ọ̀pá ìwọ̀n, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fa ìlà mìlímítà sí lára, mo tì í jẹ́jẹ́ sáàárín eyín àti èrìgì títí ó fi dúró. Mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ sun díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọn láti etí èrìgì dé ibi tí ara funfun eyín ti pàdé gbòǹgbò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n ohun tó sọnù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin. Mo pe méjèèjì fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ wa gbójú sókè. “Ẹyọ kan ni kí o pè. Èyí tó wọlé nìkan. Ṣé o ò rí èrò níta ni?”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní yàrá náà nìyẹn. Ẹnì kan ń wọ̀n, ó ń pè. Ẹnì kan ń kọ. Nítorí èrò tó ń pọ̀, wọ́n ti gé ìpè náà sí ẹyọ kan, jíjìn àpò èrìgì nìkan. Ẹnikẹ́ni kò pe ohun tí èrìgì ti fi sílẹ̀ lókè mọ́. Ẹni tó ń kọ kọ mẹ́ta, ó fa ìlà sí ibi tí mẹ́rin ìbá wà. Olùkọ́ wá sọ fún ìyá mi pé mẹ́ta ni, pé kò sí wàhálà kankan.

Ìyá mi nu ẹnu. “Mẹ́ta nínú mélòó, ọmọ mi?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, olùkọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni.

Ìyá mi kò gbàgbé ìpè mi kejì. Nígbà tí a jọ lọ sóko, ó bi mí pé kí ni mẹ́rin tí wọ́n ní kí n má pè. Mo wo ilẹ̀, mo rí igi kan tí iṣu ń gùn, tí òjò ti gbá ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Ibi tí yẹ̀pẹ̀ dé nígbà tó ri igi náà mọ́lẹ̀ ṣì hàn, àwọ̀ igi yàtọ̀ níbẹ̀. Ihò kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, nínú yẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́kù. Mo ti ìka mi bọ ihò náà. Mo sọ fún un pé ihò yìí ni àpò, pé etí ilẹ̀ tó wà báyìí la ti ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ilẹ̀ tó ti fi igi sílẹ̀, láti ibi àmì àtijọ́ yẹn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ ihò.

Ó mi igi náà díẹ̀. Mo rí i tó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀.

“Ó ń mì lóòótọ́,” ló sọ, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ tí kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín ebè, mo ní kó má bẹ̀rù, pé bí a bá tọ́jú ẹ̀ yóò dúró. Ó ní òun kò bẹ̀rù, kí n jáwé fún òun kí òun jókòó lé.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Mo ṣí ìwé, mo sì rí ẹnu ìyá mi nínú rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: “Ṣàlàyé bí àpò èrìgì ṣe ń ṣẹ̀dá. Obìnrin àgbàlagbà kan ní àpò mìlímítà mẹ́ta ní eyín iwájú nísàlẹ̀. Èrìgì ibẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà mẹ́rin. Mìlímítà mélòó ni ìsopọ̀ èrìgì mọ́ eyín náà tó ti sọnù?” Mẹ́rin tí wọ́n ní kí n má pè nìyẹn, olùkọ́ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti kọ nọ́ńbà mi.

Mo kọ pé ìdọ̀tí tó kún fún kòkòrò àìfojúrí máa ń kó jọ sí etí èrìgì. Ara rán àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a jà, èrìgì pọ́n, ó wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìjà náà bá pẹ́, ohun tí kòkòrò ń tú jáde àti ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde yóò jẹ àwọn okùn tó so èrìgì mọ́ gbòǹgbò. Awọ tó lẹ̀ mọ́ eyín yóò wá máa sọ̀ kalẹ̀ lára gbòǹgbò, òkè rẹ̀ yóò máa já kúrò lára eyín, àlàfo tó wà níbẹ̀ yóò sì jìn di àpò. Egungun tó di eyín mú náà yóò máa yọ́ lọ. Mo fi kún un pé èrìgì tó kàn wú sókè lè mú kí àpò jìn láìjẹ́ pé ìsopọ̀ kankan sọnù, àti pé èrìgì tó sọ̀ kalẹ̀ lè mú kí àpò dà bí èyí tí kò jìn nígbà tí ohun tó sọnù ti pọ̀. Nítorí náà, mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin: méje.

Ìdáhùn àwòkọ́ṣe tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́yìn náà sọ pé: “Mẹ́ta. Àpò kò jìn. Ìsopọ̀ kankan kò sọnù.” Ẹ tún un kà. Wọ́n kọ mẹ́ta, wọ́n sì tún kọ pé kò sí. Ìdáhùn náà ń bá ara rẹ̀ jà, òun ni wọ́n sì fi dá mi lẹ́jọ́. Máàkì apá yẹn nìkan ló já mi kulẹ̀.

Mo bá olùkọ́ nínú yàrá eyín, ó ń nu irin iṣẹ́.

“Ìwọ tó o ti lọ yunifásítì,” ló wí, “èmi lo wá fẹ́ kọ́.”

“Rárá, Sà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó pọ̀ ni.”

“Mẹ́ta kì í ṣe àìsàn. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Àpò ni ìwé ń sọ, Sà. Ohun tó sọnù lẹ bèèrè.”

Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí ìdáhùn náà, ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Òun náà ní ohun tí kò bá sí nínú ìdáhùn àwòkọ́ṣe kò ní máàkì, pé kí n padà wá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò bínú. Ó bó iṣu tó ń bó tán, ó fọ ọwọ́. “Ẹnu mi ni wọ́n fi ṣe ìbéèrè,” ló wí. “Jẹ́ kí n lọ bá wọn dáhùn.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ró aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ká máa lọ. Bí a ṣe dé ibẹ̀, ó gun àga náà fúnra rẹ̀, kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú lọ́tẹ̀ yìí.

“Okun, ọmọ mi. Ẹ bá mi tún un wọ̀n.”

Olùkọ́ wò mí, ó wò ó. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó di àgbọ̀n ìyá mi mú bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ni. Ó wọn àpò, ó ní mẹ́ta. Ó dúró. Ó wá wọn ohun tí èrìgì ti fi sílẹ̀, ó sì pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mẹ́rin. Ó fi ìdí irin méjì ti eyín náà wò, ó rí i pé ó ń mì.

“Mélòó ni gbogbo rẹ̀?” ni ìyá mi bi í.

Ó gbé irin sílẹ̀. “Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. A óò kó ìdọ̀tí líle tó wà lábẹ́ èrìgì kúrò lára gbòǹgbò.”

Ó ṣe é, ó ṣe é dáadáa. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rin orín lára eyín láìfi agbára ha á. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ohun tó ti lọ kò padà, ṣùgbọ́n ìyá mi ń fi eyín náà jẹun, ó sì rẹ́rìn-ín níwájú mi láàárọ̀ àná láìgbé ọwọ́ sẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ wa fún ìyẹn, tọkàntọkàn.

Òdo mi ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí olùkọ́ tó ṣe ìdáhùn náà, sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí i, àti sí gbogbo ẹni tó jókòó pẹ̀lú wọn. Bí ìsopọ̀ kankan kò bá sọnù lẹ́nu ìyá mi, kí ló ń mú eyín náà mì? Bí ó bá sì ti sọnù tí ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú méje tí mo kọ? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó kọ mẹ́ta, tí wọ́n yege, tí wọ́n ti ń lọ wo ẹnu ìyá àwọn ẹlòmíràn ní Egbe àti Ekinrin-Adde, ta ni nínú yín tó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pe ìwọ̀n kejì? Ẹ dá mi lóhùn, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó dáhùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.