Kóòdù Ilé Bàbá Mi

Bàbá mi kì í júwe ilé rẹ̀ fún àlejò. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sì kọ́lé sórí ilẹ̀ àkùrọ̀ lẹ́yìn Festac, níbi tí òpópónà kò ti lórúkọ, tí ilé kò sì ní nọ́ńbà. Tó o bá ń bọ̀ wá kí i, á ní kó o dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun á wá mú ẹ. Ẹ̀rù adigunjalè ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, torí gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é.

Nígbà yẹn, fóònù ti dọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n máàpù kò tíì wọnú rẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn aládàáni kan ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, nídìí fóònù àwọn ọkọ̀ ańbúláǹsì. Ojú wa ń rí màbo lọ́wọ́ àwọn ilé tí kò ní àdírẹ́sì, títí ọ̀gá wa fi mú kóòdù kan wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe é pín gbogbo ayé sí àpótí ńláńlá, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan. Wọ́n tún pín inú àpótí kọ̀ọ̀kan sí kéékèèké, wọ́n fi lẹ́tà mìíràn tì í lẹ́yìn, wọ́n sì ń pín in lọ bẹ́ẹ̀. Bí kóòdù bá ṣe ń gùn sí i ni ibi tó ń tọ́ka sí ń kéré sí i. Tó bá fi máa pé lẹ́tà mẹ́jọ, àpótí náà ò ju bíi púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ. Òṣìṣẹ́ wa kan á gbé ẹ̀rọ sátẹ́láìtì lọ sílé aláìsàn, á mú àmì ibẹ̀ wá, kọ̀ǹpútà á sì sọ ọ́ di kóòdù.

Ikọ́ fée ń bá bàbá mi jà, nítorí náà mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì rán ọmọkùnrin kan lọ gba kóòdù ilé rẹ̀ wá. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí níbi iṣẹ́. "Ọmọ mi, bàbá ẹ ò lè mí mọ́. Oògùn tó ń fà sẹ́nu ò ràn án." Mo rán ọkọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, mo fún dẹ́rẹ́bà ní kóòdù, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó wà nínú ọkọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi pè mí padà.

"Àǹtí, mo ti débẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí, wọ́n sì ti ti géètì pa."

Mo bi ìyá mi lórí fóònù kejì.

"Bàbá ẹ mú ọmọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ wá yẹn lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì," ni ó wí. "Ó ní òun ò lè fi ilé òun han ẹ̀rọ."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Bàbá yìí àti orí kunkun rẹ̀! Mo ṣí máàpù lórí kọ̀ǹpútà, mo ń wá òrùlé wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ ilé náà ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn láti òkè. Igbó nìkan ni mo rí. Mo ní kí ìyá mi ṣàlàyé ibi tí kánáàlì, gọ́tà ńlá tí omi òjò àdúgbò ń gbà, wà sí ilé, mo sì fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ara ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di kóòdù tuntun, mo sì kà á fún dẹ́rẹ́bà. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nìkan ni kóòdù méjèèjì fi yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kóòdù ò mọ kánáàlì. Ilẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Mo ti ń rí ọ̀kánkán ibẹ̀," ni dẹ́rẹ́bà wí, "ṣùgbọ́n omi wà láàárín. Òjò ti gbé pákó tí wọ́n ń rìn kọjá lọ."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà, ẹ gba orí afárá ọkọ̀ tó wà lójú títì yí ká. Ẹ sáré, bàbá mi ni o."

Mo gbé fóònù ìyá mi sétí. Mo ní kó gbé bàbá mi jókòó, kó má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí bàbá mi, ó ń fọn fèrè nínú àyà rẹ̀, ó ń fà á tipátipá. Mò ń sọ pé, "Dádì, wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ti ń bọ̀." Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ èémí náà mọ́, ìyá mi nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń pe orúkọ rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà dé pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́ lórí èjìká. Ó gbìyànjú, ó ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọkọ̀ mìíràn la rán láti gbé òkú rẹ̀ lọ sí mọ́ṣúárì. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò dé àdúgbò yẹn rí. Èmi ni mo ka kóòdù tuntun náà fún un. Kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnu ọ̀nà bàbá mi gan-an ló páàkì sí.