Ọsàn Wẹ́wẹ́ Inú Ìgò Ìtọ̀

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó rọra jẹun tán ná, ìtàn náà kò ní sá lọ.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́, nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Mo ti bá wọn jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Èmi kọ́ ni mò ń gún abẹ́rẹ́, èmi kọ́ ni mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, kí dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Inú mi máa ń yá gágá sí iṣẹ́ yìí, ẹnu mi náà sì máa ń yá, ìyẹn ni gbogbo wọn fi mọ̀ mí.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni ìtọ̀ àná. Wọn á tọ̀ ọ́ sínú ìgò láti alẹ́, wọn á gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn á wá gbé e wọ mọ́tò wá láti ìlú mìíràn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kòkòrò ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ ti yí, èsì rẹ̀ náà á sì yí. Bó ṣe yẹ ni mo ṣe ń kọ̀ ọ́. Àmọ́ mi ò ní sùúrù láti ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo tún ń dúró níbẹ̀, màá ní: "Èyí tó bá ń rùn, ẹ lọ dà á nù o. Mi ò ní fọwọ́ kàn án." Mo rò pé ọ̀nà tó yá jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n wá láti Ọ̀kà. Ọmọbìnrin náà ti lé ní ọdún méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i á pè é ní ọmọ ọdún kan. Ó ń bì, ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, kò sì tíì lè dá rìn. Bí wọ́n bá gbé e dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìṣùà, ọmọ náà sì wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Mo gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fún ìyá àgbà ní ìgò kékeré, mo ní kó gbé ìtọ̀ àárọ̀ ọmọ wá lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe jókòó níbẹ̀ ni mo lé bàbá kan padà pẹ̀lú ìgò tirẹ̀. Ìyá àgbà rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò dára. Báíkábónẹ́ètì inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá péré, nígbà tó yẹ kó lé ní ogún. Báíkábónẹ́ètì yìí ni ohun tó ń pa ásíìdì lára. Bó bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, ásíìdì ti gba inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Pòtáṣíọ̀mù rẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀ gan-an, ìyẹn ló ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà gbé ọmọ àti ìtọ̀ dé ní kùtùkùtù. Mo ti pépà ìdánwò bọ̀ ọ́. Pépà náà pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n: pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan, wà ní márùn-ún; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó, ibẹ̀ sì ni pépà náà mọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé ìgò sínú fíríìjì, mo kọjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀.

Dókítà wa nígbà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn kó máa kọ́ni. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé àìsàn ásíìdì inú kíndìnrín ló ń bá ọmọ náà jà, èyí tí àwọn ń pè ní RTA, ó sì ní oríṣi. Ó ní kí n wo àwọn ọpọ́n tín-ín-rín inú kíndìnrín bí ilé tó ní iwájú àti ẹ̀yìn. Iwájú ló ń kó báíkábónẹ́ètì padà sínú ẹ̀jẹ̀ kó má bàa ṣòfò. Ẹ̀yìn ló ń da ásíìdì sóde sínú ìtọ̀.

"Bí ẹ̀yìn bá bàjẹ́, oríṣi kìíní nìyẹn. Bó ti wù kí báíkábónẹ́ètì ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ tó, ìtọ̀ kò ní lè kan. pH rẹ̀ kò ní wá sísàlẹ̀ márùn-ún àbọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú ló bàjẹ́, oríṣi kejì ni. Báíkábónẹ́ètì á máa jò lọ títí yóò fi kù díẹ̀, iwájú á wá lè kó díẹ̀ yẹn padà. Ẹ̀yìn ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìtọ̀ á kan."

Mo bi í pé ẹ̀kẹta ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àdàpọ̀ méjèèjì ni, òun kò sì tíì fojú kàn án rí. Ó ní oríṣi kẹrin wà, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà sábà máa ń kan, ṣùgbọ́n pòtáṣíọ̀mù tiwọn á ga ni, kò ní lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọ wa.

Báíkábónẹ́ètì mẹ́tàlá, ìtọ̀ márùn-ún: oríṣi kejì ni èsì mi sọ. Oríṣi kejì kò sì rọrùn, torí bí o bá ti ń rọ báíkábónẹ́ètì sí i ni iwájú ń jò ó dànù, ìdí nìyẹn tí oògùn rẹ̀ fi máa ń pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Dókítà kọ oògùn púpọ̀, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn. Mo rí ìyá àgbà ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà náà. Ó dì í mú bí ẹni tó gbé nǹkan gbígbóná.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, dókítà wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé àwòrán kíndìnrín ọmọ náà dání. Kálíṣíọ̀mù ti ta sínú kíndìnrín méjèèjì, ó funfun káàkiri.

"Màdámú, èyí kò bá a mu. Oríṣi kìíní ló máa ń ṣe báyìí. Ṣé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀?"

"Kò sí."

"Ọmọdé tó bá ní oríṣi kejì, ṣúgà àti àwọn nǹkan mìíràn sábà máa ń bá a jò. Ṣé pH yẹn dá yín lójú?"

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé pépà mi kì í purọ́, pé kí ó lọ bi ẹ̀rọ tó ya àwòrán. Ó kàn gbé àwòrán náà sórí tábìlì mi. Mo fi ìbínú ṣí fíríìjì, mo gbé ìgò jáde, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo gbé e sún mọ́ imú mi.

Ọmọ Ọ̀kà lèmi náà. Mo ti bá ìyá mi fọ ìgbín tó pọ̀, mo ti bá a fọ ẹja. Kò sí bí mi ò ṣe ní mọ òórùn yẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni.

Mo sáré lọ bá ìyá àgbà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé ọmọ náà sí. Mo ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sínú ìtọ̀ yìí?"

Ó wò mí, ó sì wolẹ̀. "Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ààbọ̀ péré ni. Mo fọ ọwọ́ mi dáadáa."

"Kí ló dé?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ sọ pé bó bá ń rùn ẹ ò ní gbà á. Ọ̀nà Ọ̀kà síbí gbóná. Mo rí i bẹ́ ẹ ṣe lé bàbá yẹn. Mo ní bẹ́ ẹ bá lé èmi náà, ọmọ yìí á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ojú tì mí débi pé mi ò rántí sọ pé èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí a ṣe ń fi ọsàn pa òórùn ìgbín ló ṣe fi pa òórùn ìtọ̀, ẹnu mi ló sì kọ́ ọ. Kíkan ọsàn ni pépà mi rí, kì í ṣe ti ìtọ̀. Èmi tí mo ń lé ìtọ̀ tó bàjẹ́ ni mo mú kí èyí bàjẹ́.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì gangan pé kí wọ́n má tíì fún ọmọ náà ní oògùn kankan. A fọ abọ́ mímọ́, èmi àti ìyá àgbà gbé ọmọ jókòó lé e, a fún un lómi mu. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe "ṣuuu, ṣuuu" fún un, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe. Ọmọ náà ń wò wá, kò tọ̀. Èmi náà bá a ṣe é, nínú ẹ̀wù funfun mi, dókítà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń díbọ́n pé òun kò rí mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbọ́ ọ nínú abọ́. Orin kankan kò dùn tó bẹ́ẹ̀ létí mi rí.

Kó tó tutù rárá ni mo ti pépà bọ̀ ọ́. Pépà náà di àwọ̀ ewé: pH méje. Mo wò ó nínú maikirosíkóòpù, torí kòkòrò inú ìtọ̀ náà lè mú pH ga. Kò sí kòkòrò, kò sí ọyún. Mo tún gba ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ti wákàtí kan náà: báíkábónẹ́ètì ṣì wà ní mẹ́tàlá. Ẹ̀jẹ̀ kún fún ásíìdì, ìtọ̀ kò sì lè kan. Ẹ̀yìn ilé ló bàjẹ́. Oríṣi kìíní ni.

Dókítà jókòó sórí àpótí mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí a bá ti fún ọmọ náà ní báíkábónẹ́ètì rẹpẹtẹ yẹn pẹ̀lú pòtáṣíọ̀mù tó ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pòtáṣíọ̀mù náà ìbá tún já wálẹ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ lè dúró. Ó ya ìwé oògùn náà. Oríṣi kìíní kò béèrè púpọ̀: pòtáṣíọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè, lẹ́yìn náà oògùn olómi kan tó ń pa ásíìdì tó sì ní pòtáṣíọ̀mù nínú, ìwọ̀n díẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní a lè máa tọ́jú rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ níbí. Ìyá àgbà gbọ́ pé kò sí Ìbàdàn mọ́, ó bú sẹ́kún, èmi náà sì bá a sun ún. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ọsibítù kò mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, báíkábónẹ́ètì ọmọ náà wọ mọ́kànlélógún. Èébì dúró. Èmi náà yọ ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ̀ àyẹ̀wò pH lọ́wọ́ aláìsàn níbẹ̀ gan-an, ní tútù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ara mi kò yá.

Ó tó bí oṣù mẹ́fà kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ kéékèèké kan nínú kọ́rídọ̀. Ọmọ náà ló ń sáré bọ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún sáré. Ìyá àgbà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ nìkan la ní kó wá yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó gbé ìgò kan lé mi lọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ó ń rùn díẹ̀ o. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.