Owó Ìyá Mi ní Ṣakí

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìsàlẹ̀ Òsì láti Ṣakí, ọ̀dọ̀ oní-POS kan ní Bẹẹrẹ ni mo ti ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá mi. Á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ níbí; oní-POS Ṣakí náà á tún yọ tirẹ̀. Ni mo bá lọ sí báńkì. Wọ́n ní kí n mú bíìlì iná tó fi ibi tí mò ń gbé hàn wá kí àwọn tó ṣí àkáǹtì fún mi, bẹ́ẹ̀ orúkọ bàbá onílé tó ti kú ló wà lórí tiwa.

Àánú mi ṣe akọ̀wé báńkì kan. Ó ní, "Ẹ mú NIN àti fọ́tò yín wá, ká ṣí àkáǹtì kékeré fún yín. Kì í gba owó ńlá o."

Owó tí wọ́n ń yọ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò ní àkáǹtì, ni mo bá ń sanwó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tààrà sínú àkáǹtì onísọ́ọ̀bù oògùn tó ń tà á fún un ní Ṣakí.

Ìyá mi pè mí. "Oògùn ti dé, o ṣé. Àmọ́ mi ò rí kọ́bọ̀ mú lọ sí mọ́ṣáláṣí."

Tí mo bá fowó ránṣẹ́, oní-POS á jẹ nínú rẹ̀. Tí n kò bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ ìyá mi á ṣófo.