Aago Mẹ́rin Ààbọ̀ Tí Mo Kọ

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Ìbà tó máa ń bí mi nínú. Bí bọ́ọ̀lù bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ la máa ń kọ sí pósítà tí a ń gbé sórí Wásáàpù. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó ń kà á náà mọ̀. Kóówá á fi wákàtí kan kún un lọ́kàn ara rẹ̀, gbogbo wa á sì pàdé ní pápá.

Nígbà tó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo kí a wọ àṣekágbá, èyí tí a kò wọ̀ rí, èmi alága ní irọ́ aago tó gẹ́ẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gba orúkọ àwọn mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ kóòṣì, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bá wa ya pósítà ní Ìyànà-Ìbà. Ó to orúkọ wọn, láti orí gólì dé iwájú, nọ́ńbà ẹ̀wù kóówá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Àwọn tó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì wà nísàlẹ̀. Owó ìwọlé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ọmọdé, ọ̀fẹ́.

"Bàbá, mẹ́ta ààbọ̀ àbí?"

"Mẹ́rin ààbọ̀. Òtítọ́ ni kí o kọ."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ pé mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Bàdágìrì. "Ó dáa o, sà."

Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, nígbà tí aago mẹ́rin lù, àwọn àlejò wa láti ìhà Alábà ti ń na ẹsẹ̀. Wọn kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa rí, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n gbà. Nígbà tó fi di mẹ́rin ààbọ̀, nínú mọ́kànlá tiwa àti àwọn ti bẹ́ǹṣì, mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Òfin sì ní bí a kò bá pé méje, a kò lè bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti wà lọ́nà."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Pósítà mi ni. "Bàbá, ta ló kọ mẹ́rin ààbọ̀ yìí?"

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó fun fèrè. Àwọn àlejò borí láìta bọ́ọ̀lù kankan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni gólì wa yọ, bàtà bọ́ọ̀lù lọ́rùn, àgbàdo sísun lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo tètè dé lónìí."

"O tètè dé? Kí ni mo kọ?"

Ó dẹ́kun jíjẹ. "Mẹ́rin ààbọ̀ tí ẹ kọ yẹn, ṣé mẹ́rin ààbọ̀ náà ni?"

Kóòṣì mí kanlẹ̀. "Alága, òtítọ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé òtítọ́ lẹ fẹ́ pa."

Aago márùn-ún ààbọ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà pápá, tí mo ń dá àwọn òǹwòran padà lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn, tí kálukú ń bi mí pé kí ló dé, ṣebí àwọn kò pẹ́.