Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Mi Ya Odi

Afọ́jú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ fún mi. Èéyi ló gba ojú mi kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìlú wa lápá Ọ̀ṣun, mo sì ti bínú sí i tán kí n tó gba iṣẹ́ ìjọba. Àwọn tí n kò tíì bínú sí tán ni àwọn tó rò pé nígbà tí ojú lọ, ọpọlọ náà bá a lọ.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Benin. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi jókòó sídìí tẹlifóònù ní iléeṣẹ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ring Road, tí mò ń dá ẹni tó ń kí mi àti ẹni tó ń bú mi lóhùn kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi ètò kan sínú tèmi tó ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè. Tí mo bá tẹ lẹ́tà kan, á pe lẹ́tà náà. Tí mo bá ṣí ìwé, á kà á sí mi létí, kíákíá débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìjà ni. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Etí ni tèmi wà. Láàárín ọdún kan, ìwé tí mò ń tẹ̀ ní iyàrá keje pọ̀ ju ti àwọn atẹ̀wé méjì tí ojú wọn dá ṣáká lọ, torí pé àwọn yẹn ń fi tiwọn wo fíìmù.

Ọ̀gá tuntun dé ní nǹkan bí ọdún 2012. Kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ ẹni tó ń fi àánú bú ènìyàn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tó ní iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún mi, pé ìdí tẹlifóònù ló máa tù mí lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo sì ń tẹ ìwé mi lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ lọ láti iyàrá dé iyàrá, ó ń fi àwọn ètò tuntun sínú gbogbo wọn. Mo ti lọ sílé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tan kọ̀ǹpútà, mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, mo dúró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ bọ́tìnì kan, mo tẹ òmíràn. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Fún ẹlòmíràn, kọ̀ǹpútà tí kò lóhùn ṣì jẹ́ kọ̀ǹpútà. Fún èmi, pákó ni.

Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó dé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó gbá mọ́ósì kiri díẹ̀.

"Madam, nothing do this computer," ó wí. "E dey work well well."

"Kò sọ̀rọ̀ mọ́," mo dá a lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì.

"Ah, sound? Office no be cinema house, madam."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ ni pé ó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá: kọ̀ǹpútà iyàrá keje dára, ẹni tó ń lò ó ni kò lè lò ó. Kò tíì pé wákàtí kan tí ọ̀gá fi yọjú. Ó ní òun ti gbọ́, kò sí ìjà níbẹ̀, tó bá di aago méjì àwọn kan á wá gbé e lọ sí ẹ̀ka ìṣirò, èmi á sì padà sídìí tẹlifóònù mi. Ó tún ní kí n má ṣe jẹ́ kó dùn mí.

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìró bàtà rẹ̀ jìnnà tán, mo gbá tábìlì, mo sì sọ sókè pé, "Kọ̀ǹpútà yìí kò ní kúrò níbí lónìí." Kò sẹ́ni tó gbọ́ àyàfi màmá tó ń tọ́jú fáìlì ní iyàrá kejì sí tèmi, ará Ọ̀wọ̀, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

"Ta lò ń bá jà, ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá bá mi wo ojú kọ̀ǹpútà. Kíkà nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi kà, èmi á mọ ohun tí màá tẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi. Tó bá bú gbàù ńkọ́?"

"Kò ní bú, mà."

Ó fa àga, ó wá jígí ojú rẹ̀ sínú báàgì fún ìgbà pípẹ́, ó jókòó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ojú wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ mi, aago méjì sì ń bọ̀.

Mo kọ́kọ́ yọ ohun ìgbọ́rọ̀ mi, mo tì í bọ inú fóònù mi. Rédíò dún ketekete. Kì í ṣe òun ló bàjẹ́. Mo dá a padà, mo fọwọ́ wá ihò rẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó wọlé dáadáa.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mà, níbi tí aago wà. Àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹnu rédíò. Ṣé àmì pupa wà lára rẹ̀?"

"Kò sí pupa kankan."

Ẹnu rẹ̀ kò dí nìyẹn. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ ètò tó ń kàwé fún mi nìkan ni wọ́n dí lẹ́nu. Mo fi kíbọ́ọ̀dù pe ojú ìwé tí ohùn ètò kọ̀ọ̀kan ti ní òpó tirẹ̀, màmá sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ìjọ. Kò sí pupa lára èyíkéyìí, gbogbo wọn sì wà lókè téńté.

Mo wá pe ojú ìwé tó ń sọ ibi tí ohùn ń gbà jáde. Mo ti há gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí sórí láti ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé afọ́jú kì í lo mọ́ósì.

"Kí lẹ rí, mà?"

"Speakers. Lábẹ́ ẹ̀, Digital Output. Nǹkan gírìn kan tí wọ́n fi máàkì wà lára ti ìsàlẹ̀."

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ètò ọjọ́ Jímọ̀ ti darí ohùn mi gba ihò tí kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀. Mo gbé àmì náà padà sórí Speakers. Mo dúró. Dákẹ́ rọ́rọ́ ni.

"Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" màmá bi mí.

"Rárá, mà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Speakers. Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì díẹ̀. Ṣé nǹkan kan ń mì níbẹ̀?"

"Ó ń mì! Ìlà gírìn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ń gòkè."

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń ka gbogbo lẹ́tà tí mo tẹ̀, ohùn rẹ̀ ni kò dé etí mi. Ibi tó kù kò ju ọ̀kan lọ: dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó ń gba ohùn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó sì ń fi í lé ẹ̀yà tó ń mú un dún lọ́wọ́. Tuntun tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kò mọ ẹ̀yà náà. Èyí àtijọ́ mọ̀ ọ́n.

Màmá ní aago kan ààbọ̀ ti kọjá.

Mo pe ibi tí wọ́n to gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí. Mo tẹ S, lẹ́tà àkọ́kọ́ Sound, kó gbé mi dé ìdí ohùn, mo ṣí i, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀yà náà, màmá ń ka ibi tí mo bá dé. Mo lọ sí ojú ewé dráífà rẹ̀.

"Ẹ bá mi wá Roll Back Driver, mà, òun ló ń dá ti àtijọ́ padà. Ṣé ó hàn ketekete àbí ó ṣá?"

Tó bá ṣá, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò tọ́jú ti àtijọ́ pa mọ́, iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn. Màmá sún mọ́ ọn; mo gbọ́ tí jígí rẹ̀ kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Ó hàn. Ó dúdú dáadáa bíi ti àwọn yòókù."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi wá bóyá ó dá wa lójú. "Sọ fún un pé ó dá wa lójú," màmá wí. Mo sọ fún un. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní kí a pa òun kí a tún òun tàn. A pa á, a tún un tàn. Mo tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mi nínú òkùnkùn tó ti mọ́ mi lára, mo ká ọwọ́ kúrò.

Ó kí mi. Ohùn irin burúkú yẹn tí gbogbo iléeṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ó kí mi káàbọ̀. Mo di màmá mú, mo ń sunkún, òun náà ń sunkún, ó sì ń sọ pé, "Èmi ni mo tún un ṣe o! Èmi yìí!"

Ìró bàtà ọ̀gá là ń gbọ́ yẹn, pẹ̀lú ti àwọn méjì tó máa gbé ẹrù. Ọkùnrin kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé wọn.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀, sà," mo wí.

"Madam, ìwé ti fẹ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí," ọ̀gá wí.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́, sà?"

Ọ̀gá kò tíì rí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn atẹ̀wé yòókù ti lọ jẹun.

"Ẹ pè é fún mi, sà. Atẹ̀wé ni mí."

Mo rò pé ó fẹ́ dójú tì mí ni tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, ó sì ń yára: pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà iyàrá keje lọ sí ẹ̀ka ìṣirò, pé kí òṣìṣẹ́ tó ń lò ó padà sídìí tẹlifóònù, nítorí pé ipò ara rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ náà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tó parí, mo fa okùn ìgbọ́rọ̀ mi yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, kí ohùn náà lè gba ikùn kọ̀ǹpútà jáde sí gbangba, mo sì ní kó kà á.

Ó kà á sókè láti orí dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tó ṣìnà. Màmá wú ikọ́.

Mo tẹ ìwé náà jáde, mo nà án sí ibi tí ohùn ọ̀gá ti wá. "Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, sà, ẹ buwọ́ lù ú."

Ó gbà á. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ìwé bà lé tábìlì mi, tí bàtà sì ń padà lọ, ti ọ̀gá ṣáájú, ti àwọn yòókù lẹ́yìn. Mo pe ọkùnrin kọ̀ǹpútà padà, mo ní tó bá tún gbé dráífà yẹn wọ inú kọ̀ǹpútà mi, èmi náà á wá bá a nílé. Ó ní, "Yes, ma."

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé mi kúrò ní Benin, pẹ̀lú ìgbéga. Ìwé yẹn wà nínú àpótí mi di òní. Bírò máa ń tẹ ojú ìwé wọnú, ìka afọ́jú sì máa ń mọ̀ ọ́n. Mo ti fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà, níbi tí ó yẹ kí ọ̀gá buwọ́ lù. Ó ń dán bọ̀rọ́.