Ìwé Tí N Kò Kà Sí Ọ̀gá Ilé-ìwé Létí

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Peckham, kò jìnnà sí Rye Lane. Èmi ni mo máa ń ṣáájú àwọn olùtọ́jú tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òwúrọ̀, èmi náà sì ni mo máa ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Mo fẹ́ràn apá ibẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà á. Kò mọ ibi tó máa gbé àpò rẹ̀ sí, kò mọ ẹni tó máa jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́rìn-ín sí i, tí a po tíì fún un, ara rẹ̀ á balẹ̀, etí rẹ̀ á sì là. Ìgbà náà la ó wá sọ òfin. Tíì ló ń ṣáájú, òfin á tẹ̀lé e. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́jọ nìyẹn.

Òfin náà wà nínú fóòmù kan, ojú ewé mẹ́ta. Mo máa ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, màá ṣàlàyé rẹ̀, màá ní kí ẹni náà tún un sọ fún mi lọ́rọ̀ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá fi àmì sí i. Tí a bá parí, á buwọ́ lù ú. Ó máa ń gbà tó wákàtí kan. Ọmọge kan bi mí léèrè rí pé, "Uncle, ṣé ẹ fẹ́ kí n há a sórí bíi Kùránì ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ ṣi ìlà kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bá ìyá kan lẹ́nu ọ̀nà wa kí aago méje tó lù. Wọ́n ti wà níbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, nínú òtútù. Bàtà wọn ń dán, báírò mẹ́ta wà nínú àpò kóòtù wọn. Mo fọwọ́ kanlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ ibí tutù." Kí a tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, mo ti gbọ́ ìtàn wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá bá ọmọ wọn obìnrin. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ ní London, gbogbo ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti ń gbọ́ pé wọn kò ní ìrírí ibí. Yàrá ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń sùn. Ọkọ ọmọ kì í bá wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ mọ́.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, n kò tún ní wá òmíràn. Ilé ni mò ń lọ. Mo ti sọ fún ọmọ mi."

Mo ní kò ní bọ́. Àmọ́ mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé ìdánwò ni oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa, àti pé àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá kan ẹ̀mí arúgbó ti tó láti lé ènìyàn lọ.

A jókòó sínú ọ́fíìsì kékeré. Mo po tíì fún wọn. Mo fi ìtàn bí àwọn arúgbó ilé wa ṣe máa ń bá wa jà nídìí oúnjẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo sì ṣí fóòmù. Mo ka ìlà kìíní, pé kí a fọ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo gbójú sókè kí n ní kí wọ́n tún un sọ.

Ojú tí mo bá pàdé, ojú ọ̀gá ilé-ìwé tó nà mí ní kíláàsì kẹrin ni. Kì í ṣe pé wọ́n jọra o. Bí wọ́n ṣe ń woni náà ni, wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n ń dúró. Ta ni èmi tí màá ní kí ẹni tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé máa tún ọ̀rọ̀ sọ tẹ̀lé mi?

Mo ní, "Mummy, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ èyí jù mí lọ. Nǹkan tó yẹ kí ọmọlúàbí máa ṣe náà ni. Ẹ kàn máa wo ọwọ́ mi."

Mo wá ń fi àmì sí ìlà lẹ́yìn ìlà bí ẹni ń gbin àgbàdo. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn gún gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwé ẹ̀rí ọmọléèwé.

Ìlà kan wà nínú àwọn tí mo fò yẹn tó sọ nípa omi. Àwọn arúgbó kan wà tí àìsàn ti ba ọ̀nà ọ̀fun wọn jẹ́. Bí wọ́n bá mu omi lásán, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ikú ń gbà wọlé. Ìyẹ̀fun kan wà tí a máa ń pò mọ́ ohun mímu wọn títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Orúkọ wọn wà nínú ìwé kan ní ilé ìdáná, ó sì wà nínú fáìlì oníkálukú. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá, nítorí iyì wọn. Nítorí náà, ẹni tí a kò bá sọ fún kò lè mọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, a wà ní yàrá Bàbá kan. Bàbá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ó ba ọ̀nà ọ̀fun wọn jẹ́, ó gbé Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì fi Yorùbá sílẹ̀ fún wọn. Mo ń fi bí a ṣe ń tún ìrọ̀rí ṣe han Ìyá ni aago yàrá òdìkejì dún. Obìnrin kan fẹ́ lọ ilé ìyàgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ dá dìde.

Mo ní, "Ẹ dúró tì wọ́n, mà. Mò ń bọ̀ báyìí."

N kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ikọ́. Ikọ́ náà dún bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, kò sì dúró. Mo sáré padà. Ìyá di ife mú. Omi ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ó ti dé ìdajì. Ojú Bàbá ti pọ́n, omi ń jáde ní imú wọn.

Mo tẹ̀ wọ́n síwájú. "Ẹ máa wúkọ́, Bàbá. Ẹ má dá a dúró, ẹ máa wúkọ́ lọ." Mo tẹ aago kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá. Ìyá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn ni," Ìyá ń sọ ọ́ ṣáá. "Wọ́n ní, 'Ìyá, ẹ bu omi fún mi mu.' Àgbàlagbà ní kí n fún òun lómi. Kí ni mo ṣe?"

Bàbá mí padà, àmọ́ èémí wọn ń hó. Dókítà tí a pè ní kí a jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má dùbúlẹ̀, kí a máa yẹ ìgbóná ara àti èémí wọn wò fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì pe àńbúláǹsì bí ó bá yí padà. Mánéjà wa, obìnrin ará Jàmáíkà tó ti ṣe nọ́ọ̀sì, pe ọmọ Bàbá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ní kí Ìyá dúró sí kọ́rídọ̀.

Fóòmù wà níwájú rẹ̀. Ó fi ìka lé ìlà omi náà.

Ó ní, "Wò ó, àmì rẹ nìyí, ìbuwọ́lù ìyá náà nìyí. Ó mọ̀, ó sì ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ tó sì ṣe é, n kò lè fi arúgbó sílẹ̀ fún un. Òní náà ló máa lọ."

Mo gbọ́ bí Ìyá ṣe ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ níta. Ìwé náà ti ṣe ẹlẹ́rìí, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó lè já a nírọ́ àfi èmi. Bí mo bá dákẹ́, ó parí. Ìyá á gba ilé ọmọ wọn lọ, wọ́n á di ẹrù, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi mí léèrè ohunkóhun. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ipò mi lè lọ, mo sì lọ́mọ méjì ní yunifásítì.

Mánéjà ní, "O ti dákẹ́ jù. Ṣé o kà á fún un?"

"Rárá."

"Kí lo wí?"

"N kò kà á. Mo kàn fi àmì sí i. Mo sì tún fi Ìyá sílẹ̀ nìkan, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ dá wà."

"Kí ló dé?"

Mo wá bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò rí i. Mo ní, "Wọ́n dàgbà jù mí lọ."

Ó ní, "A jẹ́ pé ìwọ lo fún un ní omi yẹn." Ó ta ìwé kan sí mi kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì sọ fún mi pé n kò ní gba òṣìṣẹ́ tuntun mọ́ títí wọn yóò fi tún mi kọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ipò mi ń bọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òun. Nígbà tó ṣe, ó mú fóòmù tuntun jáde. "Pè é wọlé. Kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó síbí."

Ìyá wọlé, wọ́n jókòó sí etí àga. Mo kà á. Mo ń ṣàlàyé ní Yorùbá, Ìyá ń tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí mánéjà lè gbọ́. Nígbà tí a dé ìlà omi, ohùn mi tún fẹ́ máa rọ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní ni yín lára..."

Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀. Ṣé òfin ni àbí ẹ̀bẹ̀?"

"Òfin ni, mà."

"Nígbà náà, sọ ọ́ bí òfin."

Mo ní, "Ẹ kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní omi láì kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀."

Wọ́n tún un sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí mi ní Yorùbá. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo máa ń ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi, nítorí n kò fẹ́ kó kùnà. O wá rí mi, o ní mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń kọ́. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀wọ̀ rẹ sọ mí di apààyàn."

Mo fi àmì sí ìlà náà.

Mánéjà kò lé wọn, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ohunkóhun. Ó ní àyà Bàbá ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Ọjọ́ mẹ́ta náà gùn. Bí Ìyá bá ti dé láàárọ̀, iwájú ìwé tí a ń kọ ìgbóná ara Bàbá sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà. Lọ́jọ́ kejì ìgbóná náà gòkè díẹ̀, Ìyá kò lè jẹun ọ̀sán. Ó wálẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta dókítà wá, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà Bàbá, ó ní ó mọ́.

Mánéjà wo Ìyá, ó ní, "Ìdánwò oṣù mẹ́ta rẹ ń lọ lọ́wọ́."

Ìyá kò tíì dáhùn tí Bàbá fi ké láti orí bẹ́ẹ̀dì pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Ìyá lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ní sùúrù, sà. Ilé ìdáná ni mò ń lọ."

Bàbá ní, "Ẹ̀rọ omi nìyẹn níbẹ̀ yẹn! Ṣé ẹ kò ríran ni? Ìyá ahun!"

"Mo gbọ́, sà," ni Ìyá wí, wọ́n sì ń lọ.